Ìlérí olùdíje ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Ojú ìwé yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó fẹ́ dupò nínú bíúrò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì fẹ́ kọ ìlérí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún kan á fi lè sọ bóyá ó mú un ṣẹ tàbí kò mú un ṣẹ. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó fà gùn jù: owó fotokópì ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu olùdíje, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ló máa ń jìnnà sí ìwé wọn. Iye owó àpẹẹrẹ ni gbogbo èyí tí a lò níbí. Ẹ fi iye ọjà ìlú yín rọ́pò wọn.

Mo kọ ohun mẹ́wàá sílẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n ní kò sí ìlérí kankan nínú rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ẹ kọ jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe. Àṣà kan ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa: a máa ń to ẹ̀tọ́ tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àti àwọn aláṣẹ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn dára, ó sì ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni. Bí olùdíje bá da ìwé ẹ̀bẹ̀ kọ, tó wá pe orí rẹ̀ ní «àwọn ìlérí mi», ó ti jẹ gbèsè tí ẹlòmíràn ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà nínú gbólóhùn náà. «Búùsì máa tètè jáde», ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́: ta ló máa mú un jáde? Kì í ṣe ẹ̀yin. «Ní gbogbo oṣù, màá lẹ ẹ̀dà ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ mọ́ pátákó»: ẹ̀yin ni, ẹsẹ̀ yín sì lè gbé yín dé ibi pátákó náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìfẹ́ ọkàn. Èkejì ni ìlérí.

Ọ̀nà mìíràn wà láti dán an wò. Ẹ fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọ̀kan fẹ́ràn yín, ìkejì kò fẹ́ rí yín sójú. Bí sáà yín bá parí, ṣé àwọn méjèèjì á lè fẹnu kò pé ẹ ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é? Bí ó bá jẹ́ «ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ á sunwọ̀n» lẹ kọ, wọn á máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ni bíúrò lè ṣe fúnra rẹ̀, kí ni kò lè ṣe?

Ẹ pín in sí mẹ́ta kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Apá kìíní ni ohun tí bíúrò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́, ìpàdé, ìròyìn, ìdíje bọ́ọ̀lù, àdéhùn pẹ̀lú oníṣòwò tó wà nítòsí, kíkó ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ jọ, ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́. Níbí, ẹ lè kọ «màá ṣe».

Apá kejì ni ohun tó ń dúró de ìfọwọ́sí olórí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti rẹ́kítọ́rà, ìyẹn ọ́fíìsì olórí yunifásítì: kí yàrá ìkàwé wà ní ṣíṣí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ní yàrá kan, kí wọ́n yí ọjọ́ ìdánwò padà. Oúnjẹ, ilé gbígbé àti bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ wà níbí náà, torí pé àjọ tí a ń pè ní Kúùsì ló ń bójú tó wọn, kì í ṣe bíúrò. Níbí, ẹ kò lè ṣèlérí àbájáde. Ohun tí ẹ lè ṣèlérí ni iṣẹ́ tó máa ti ọwọ́ yín jáde: ìwé wo, sí ta ni, lọ́jọ́ wo, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí èsì kò bá dé.

Apá kẹta wà lọ́wọ́ ìjọba ní Kútọnu: iye búùsì, ẹni tó tọ́ sí, owó ìforúkọsílẹ̀. Kò sí bíúrò ilé ẹ̀kọ́ kan tó lè yí i padà. Ẹ lè sọ èrò yín nípa rẹ̀ ní ìlà méjì, lábẹ́ àkọlé tó yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì kà á mọ́ ìlérí.

Ìdí mìíràn wà tí ààlà yìí kò fi jẹ́ eré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ìjọba fi òfin de iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba, ọ̀rọ̀ náà sì fa awuyewuye púpọ̀. Láti ìgbà náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùdíje béèrè fún ni ìwé òfin ẹgbẹ́ tirẹ̀, kí ó rí ohun tí wọ́n gba bíúrò láyè láti ṣe, kí ó tó ṣèlérí ìpéjọpọ̀ tàbí gbígba owó ẹgbẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa kọ ìlérí tó dúró lórí ìfọwọ́sí ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá ìkàwé Kétu. Ìlérí tó ṣeé gbà gbọ́ lè rí báyìí:

«Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a bá ti gba iṣẹ́, màá mú ìwé lọ sọ́dọ̀ olórí ilé ẹ̀kọ́ pé kí yàrá ìkàwé máa wà ní ṣíṣí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣáájú ìdánwò. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó gbà láti máa ṣọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ á wà nínú rẹ̀. Màá lẹ ẹ̀dà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ gbígbà sí mọ́ pátákó. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí èsì, màá kọ ìwé kejì, màá sì sọ fún yín pé èsì kò tíì dé.»

Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ gbígbà yẹn, èyí tí àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì ń pè ní déṣáàjì, ni ìlérí náà rọ̀ mọ́. Ẹ tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì. Akọ̀wé á gba ọ̀kan, á lu òǹtẹ̀ sí èkejì, á kọ ọjọ́ sí i, á sì dá a padà fún yín. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì láìgba déṣáàjì kò ní ohun tó lè fi hàn, bí wọ́n bá sì sọ lọ́jọ́ iwájú pé àwọn kò rí ìwé kankan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ ka ìrìn ìwé mọ́ ọjọ́ tí ẹ dá. Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ní Kétu àti ní Sákẹ́tẹ́, bẹ́ẹ̀ Àjàṣẹ́ ni rẹ́kítọ́rà wà. Ìwé tó kúrò ní Kétu á kọ́kọ́ gba ọwọ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, kí ó tó gba ọ̀nà Pọbẹ̀ àti Sákẹ́tẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ọ̀nà yẹn náà ni èsì á gbà padà. Olùdíje Kétu tó bá da ọjọ́ ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kọ ti pàdánù ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbé ohunkóhun tó ń dúró de ọ́fíìsì sí ọ̀sẹ̀ ọdún ìṣẹ̀ṣe nínú oṣù kìíní, tàbí sí oṣù kẹjọ.

Mo fẹ́ ṣèlérí pé fotokópì máa dínkù. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí mo lè sọ?

Ẹ lọ jókòó ti oníṣọ́ọ̀bù kan fún wákàtí kan, kí ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ohun mẹ́rin lẹ ó béèrè: iye tó ń ra bébà, iye tó ń ra yíǹkì, iye ojú ìwé tí yíǹkì kan ń tẹ̀ kó tó tán, àti ohun tó ń ná lórí àtúnṣe.

Ká sọ pé 25 sẹ́fà ni ó ń gba lórí ojú ìwé kan. Dì bébà kan, ìyẹn ewé 500, jẹ́ 3 000 sẹ́fà. Ewé kan di 6 sẹ́fà nìyẹn. Yíǹkì rẹ̀ jẹ́ 36 000 sẹ́fà, wọ́n sì kọ 12 000 ojú ìwé sára páálí rẹ̀. Ibí ni olùdíje ti máa ń ṣubú. Á pín 36 000 sí 12 000, á rí 3 sẹ́fà, inú rẹ̀ á sì dùn. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí yíǹkì kò pọ̀ lórí rẹ̀ rárá ni iye ara páálí ń wò, bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ojú bébà. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà inú ẹ̀dà ni: etí rẹ̀ ti dúdú, àwòrán àti tábìlì kún inú rẹ̀, àmì ìká ọwọ́ ẹni tó lò ó kẹ́yìn wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì tẹ gbogbo rẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá sọ pé 6 000 lòun ń rí, ẹ gbà á gbọ́. Yíǹkì di 6 sẹ́fà lójú kan.

Iná mànàmáná, ká fi í sí ààbọ̀ sẹ́fà. Àtúnṣe àti àwọn ohun tó ń jẹ nínú ẹ̀rọ, sẹ́fà kan àti ààbọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14 sẹ́fà. Ẹni tó ń pariwo 10 sẹ́fà lójú kan ń ṣèlérí pé oníṣọ́ọ̀bù á máa pàdánù 4 sẹ́fà nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá dún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń lò. Lẹ́yìn náà, «ẹ̀rọ ti bàjẹ́» lẹ ó máa gbọ́.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ ewé kan ní ojú méjèèjì. Owó bébà pín sí méjì: 3 sẹ́fà dípò 6. Gbogbo ìyókù dúró bí ó ti wà. Ojú kan di 11 sẹ́fà. Bí ẹ bá ní 15 sẹ́fà lójú kan, 4 sẹ́fà ṣẹ́ kù fún oníṣọ́ọ̀bù. Èrè tó ń jẹ lórí 25 jẹ́ 11, nítorí náà kò ní gbà bí kò bá rí ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ ní láti fún un ni ọ̀pọ̀: bí kíláàsì bá kó ìbéèrè wọn jọ, tí rẹ́sípọ́ńsábù, ìyẹn aṣojú kíláàsì, mú un wá lẹ́ẹ̀kan, ojú ìwé 8 000 lóṣù á mú 32 000 sẹ́fà wá fún un láti ara iṣẹ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà lẹ kàn ń kó padà wá fún un ní owó pọ́ọ́kú, kò jèrè ohunkóhun, ó sì mọ̀.

Ṣé kò ní dára jù kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tirẹ̀?

Ó máa ń dùn mọ́ni létí. Ká sọ pé ẹ̀rọ jẹ́ 400 000 sẹ́fà, ẹ sì ń fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní 20 000 lóṣù. Lórí ojú ìwé 8 000, owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ́fà méjì àti ààbọ̀ lójú kan. Ẹ fi kún 11, ó di 13 àti ààbọ̀. Ní 15 sẹ́fà, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ sẹ́fà kan àti ààbọ̀, ìyẹn 12 000 lóṣù. Oṣù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ lẹ máa lò kí owó ẹ̀rọ tó padà, sáà bíúrò tí a sì ń sọ yìí kò ju ọdún kan lọ. Bí iṣẹ́ bá lọ sílẹ̀ sí 4 000 ojú ìwé, owó ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan di 5 sẹ́fà lójú kan, àròpọ̀ di 16, gbèsè sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹni tó ti ní in.

Báwo ni ìlérí yẹn á ṣe rí bí mo bá kọ ọ́ tán?

«Láti 1 oṣù kejìlá títí dé 30 oṣù kẹfà, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ á jẹ́ 15 sẹ́fà lójú kan ní ṣọ́ọ̀bù tí a bá ṣe àdéhùn, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ojú méjèèjì, tí rẹ́sípọ́ńsábù kíláàsì sì mú un wá lápapọ̀ ní ọjọ́ Ajé tàbí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá dá wá, tàbí tó fẹ́ ojú kan ṣoṣo, á san 25 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ olùkọ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí dì bébà bá kọjá 5 000 sẹ́fà, oníṣọ́ọ̀bù lẹ́tọ̀ọ́ láti pè wá jókòó lórí iye tuntun. Ó ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ní 15 oṣù kejìlá, màá kọ ìdí rẹ̀ síbí.»

Ẹ rí i pé ohun tí kò sí nínú rẹ̀ gba àyè tó ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àlébù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí wọ́n gba 25 lọ́wọ́ rẹ̀, ló máa kọ́kọ́ pe olùdíje ní òpùrọ́ lórí Wásáàpù, àfi bí ìlà kan bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ní ti 5 000 yẹn, a kò já a bọ́: bí dì bébà bá dé ibẹ̀, bébà á jẹ́ 5 sẹ́fà lójú kan, èrè oníṣọ́ọ̀bù á sì ti já sí ìdajì, láti 4 sí 2.

Ìlérí mélòó ló yẹ kí n ṣe?

Mẹ́ta. Ó pọ̀ tán, mẹ́rin. Ẹni tó ṣe ìṣirò bíi ti òkè yìí lórí ìlérí kan á mọ̀ fúnra rẹ̀ pé kò sí àyè fún mẹ́wàá.

Ẹ̀rí wo ni kí n so mọ́ ọn?

Àwòrán ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí, àti ìṣirò yín ní ìlà márùn-ún. Kí ẹ tó ya àwòrán náà, ẹ fi bébà bo nọ́ńbà fóònù oníṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Kò bá yín dupò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn.

Àwòrán yín pẹ̀lú olùkọ́ tàbí olóṣèlú kì í ṣe ẹ̀rí. Ó ń sọ pé ẹ pàdé ni, kò sọ pé ẹ fẹnu kò.

Ṣé mo lè sọ pé àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ owó?

Bí ẹ kò bá ní ìwé lọ́wọ́, rárá. Òfin ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ní abala 550 tó kan ẹni tó fi ẹ̀rọ dààmú ẹlòmíràn tàbí tó pín irọ́ nípa rẹ̀ kiri, wọ́n sì ti lò ó fún oníròyìn pàápàá. Ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ìlérí tiyín: «Ní ọjọ́ 5 oṣù kọ̀ọ̀kan, màá lẹ ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde, pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo ohun tó ju 2 000 sẹ́fà lọ.» Ẹni tí kò bá lẹ tirẹ̀ rí á gbọ́ ọ dáadáa.

Èdè wo ni kí n fi kọ ọ́?

Faransé ni ẹ̀dà tí aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ á béèrè. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ Kétu ń fi Yorùbá jiyàn, ti Àjàṣẹ́ ń fi Gùn àti Yorùbá pọ̀ ṣe é, nítorí náà ẹ ka ohùn sílẹ̀ ní èdè méjèèjì, kí ó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ìlérí máa ń yọ́ nínú ìtumọ̀. Faransé ìpolongo ní ọ̀rọ̀ rírọ̀ kan tó ń sọ pé a ó «ṣiṣẹ́ fún» nǹkan, láìsọ pé a ó ṣe é. Yorùbá náà ní tirẹ̀: «a ó rí sí i». Bàbá onílé tó sọ pé òun á rí sí òrùlé tó ń jò, ẹ mọ bó ṣe ń parí. Nítorí náà, ẹ yọ «a ó rí sí i», «a ó gbìyànjú» àti «lágbára Ọlọ́run» kúrò nínú ìlà ìlérí. Ẹ lè fi ti Ọlọ́run síbi ìkíni. Ẹ sì lo «màá» níbi tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an, kí ẹ fi «a ó» sílẹ̀ fún ohun tí gbogbo bíúrò bá jọ dìbò lé lórí.

Iye owó àti ọjọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ dọ́gba délẹ̀ nínú ẹ̀dà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá yín kọ ọ́ gbọ́ ohùn Gùn, kó wá sọ iye tó gbọ́ fún yín. Bí ó bá sọ 10, ẹ tún un kà.

Alátakò mi ti ní òun á ṣe é ní 10 sẹ́fà. Ṣé kí n sọ tèmi kalẹ̀ sí 10 náà?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ ìṣirò yín mọ́ gbangba, kí ẹ bi í léèrè ìbéèrè kan péré: ta ló máa san ìyókù? Ó lè ní ìdáhùn. Bóyá ẹgbẹ́ ló máa san 4 sẹ́fà tí oníṣọ́ọ̀bù á máa pàdánù lójú kan. Lórí 8 000 ojú ìwé, ìyẹn jẹ́ 32 000 sẹ́fà lóṣù láti inú àpò ẹgbẹ́, nígbà náà kí ó sọ ohun tí òun máa gé kúrò. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti di ìlérí gidi, àwọn olùdìbò á sì yan èyí tó wù wọ́n.

Oníṣọ́ọ̀bù ti yẹ àdéhùn, ìbò sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má pa ìlérí náà rẹ́. Àwọn kan ti ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù wọn, wọn á sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ fi ìlà gba àárín rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ ní gbólóhùn kan: «9 oṣù kọkànlá: oníṣọ́ọ̀bù ti yẹ̀ ẹ́, ó ní 18 sẹ́fà lòun lè gbà.» Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kejì, ẹ tún ìṣirò náà ṣe pẹ̀lú iye tirẹ̀. Bí òun náà bá ní 18, 18 lẹ ó kọ.